Ìṣirò ojú ìdọ́gba fún ṣọ́ọ̀bù kékeré

Ìṣirò ojú ìdọ́gba jẹ́ ọ̀nà tí ọlọ́jà ń gbà mọ iye ọjà tí ó gbọ́dọ̀ tà kí owó tí ń wọlé tó lè kájú gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ojú ìdọ́gba fúnra rẹ̀ ni ibi tí òwò ti kúrò nínú àdánù ṣùgbọ́n tí kò tíì bọ́ sínú èrè. Bí títà bá kéré sí i, ọlọ́jà ń jẹ owó òwò rẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yìí wúlò púpọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tí owó ilé rẹ̀ dúró sójú kan ṣùgbọ́n tí títà rẹ̀ ń lọ sókè sódò láti oṣù dé oṣù. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò Táńkè ní ìlú Ìlọrin, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ọgbà Yunifásítì ìlú Ìlọrin, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà. Àpẹẹrẹ tí a óò lò nínú àyọkà yìí dá lórí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Àwọn iye owó inú rẹ̀ jẹ́ iye tí a fi ṣe àpèjúwe, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan pàtó.

## Oríṣi ìnáwó méjì

Gbogbo ìnáwó ṣọ́ọ̀bù pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ìnáwó àìyẹsẹ̀, èyí tí ọlọ́jà yóò san bí ó tà, bí kò tà. Owó ilé ni olórí rẹ̀. Owó oṣù ẹni tí ń bá ni tajà, owó ẹgbẹ́ àti owó ìmọ́tótó àyíká náà wà níbẹ̀. Èkejì ni ìnáwó atẹ̀lé-ọjà, èyí tí kì í wáyé bí ọjà kò bá tà. Iye tí a ra ọjà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ tí a fi gbé e dé ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀rá tí a fi dì í fún oníbàárà sì tẹ̀ lé e.

Ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ọdọọdún ni a ń san owó ṣọ́ọ̀bù, kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ sì ni a ń san án. Nítorí náà ọlọ́jà lè gbàgbé pé owó ilé jẹ́ ìnáwó oṣooṣù, nítorí pé kò sí ẹni tí ń wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ohun àkọ́kọ́ tí ìṣirò yìí ń béèrè ni pé kí a pín owó ọdún náà sí ọ̀nà méjìlá. Owó àdéhùn àti owó ẹni tí ó bá wa wá ilé kì í ṣe ohun tí a óò tún san lọ́dọọdún. A lè kà wọ́n mọ́ owó tí a fi dá òwò sílẹ̀, tàbí kí a pín wọn sórí iye ọdún tí a rò pé a óò lò níbẹ̀.

Ká ní owó ilé ṣọ́ọ̀bù kan ní Táńkè jẹ́ ₦240,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe ₦20,000 lóṣù. Ẹni tí ń bá olówò náà tajà ń gba ₦18,000. Iná ìjọba àti epo jẹnẹrétọ̀ tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ amómitutù ṣiṣẹ́ jẹ́ ₦6,000, owó ẹgbẹ́ àti ìmọ́tótó sì jẹ́ ₦1,000. Àpapọ̀ ìnáwó àìyẹsẹ̀ oṣù kan jẹ́ ₦45,000. Ọdún kan yóò sì gba ₦540,000.

## Ìdá èrè orí ọjà

Owó tí ọlọ́jà fi ń san ìnáwó àìyẹsẹ̀ kì í ṣe gbogbo owó tí oníbàárà kó lé e lọ́wọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà gbọ́dọ̀ padà lọ ra ọjà mìíràn. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó atẹ̀lé-ọjà kúrò ni èrè orí ọjà, òun nìkan ni a sì lè fi san owó ilé àti owó iṣẹ́. Bí a bá pín èrè orí ọjà sí iye tí a ta ọjà náà, a ó rí ìdá èrè.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ọlọ́jà tí ó ra ọjà ní ₦1,000 tí ó sì tà á ní ₦1,150 yóò sọ pé èrè òun jẹ́ ìdá 15 nínú 100. Òótọ́ ni bí a bá fi wé iye tí ó rà á. Ṣùgbọ́n iye títà ni ìṣirò ojú ìdọ́gba dúró lé, ₦150 nínú ₦1,150 kò sì ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n a óò rí i nísàlẹ̀ pé ó lè jẹ́ ₦45,000 títà lóṣù.

Ṣọ́ọ̀bù kò sì kì í ta ọjà kan ṣoṣo. Èrè orí ṣúgà, mílíìkì àti ìndómì kéré, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ iye wọn. Èrè orí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù àti bísíkíìtì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìwé àti bírò sì tún jù ú lọ. Ká ní nínú ₦100 tí ó wọlé, ₦60 jẹ́ ti àwọn ọjà oúnjẹ tí ìdá èrè wọn jẹ́ 10 nínú 100. ₦30 jẹ́ ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì tí tiwọn jẹ́ 20. ₦10 sì jẹ́ ti ìwé àti bírò tí tiwọn jẹ́ 30. Èrè tí ó ti ara wọn wá jẹ́ ₦6, ₦6 àti ₦3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦15. Ìdá èrè ṣọ́ọ̀bù náà lápapọ̀ jẹ́ 15 nínú 100, tí a ń kọ báyìí: 0.15.

Ìdá èrè yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó kù lẹ́yìn gbogbo òfò. Búrẹ́dì tí ó hu, ìgò tí ó fọ́, àwìn tí a kò san àti ọjà tí a mú láti orí àtẹ lọ sílé jẹ gbogbo wọn ń jẹ nínú èrè kan náà. Ọlọ́jà tí ó fi iye tí ó kọ sára ọjà ṣe ìṣirò láìyọ òfò kúrò yóò rí ojú ìdọ́gba tí ó rẹlẹ̀ ju ti òótọ́ lọ.

## Ìlànà ìṣirò

Nígbà tí a bá ti mọ ìnáwó àìyẹsẹ̀ àti ìdá èrè, pípín kan ṣoṣo ni ó kù:

```
Ojú ìdọ́gba = Ìnáwó àìyẹsẹ̀ ÷ Ìdá èrè
            = 45,000 ÷ 0.15
            = 300,000
```

Ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ ta ọjà ₦300,000 lóṣù kí ó tó lè dúró láìjèrè, láìpàdánù. Bí ó bá ń ṣí fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, èyí jẹ́ bíi ₦11,540 lójoojúmọ́. Iye ti ọjọ́ kan wúlò ju ti oṣù lọ fún ẹni tí ó wà lórí ìjókòó, nítorí pé kò ní dúró di ìparí oṣù kí ó tó mọ ibi tí nǹkan ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ ìtajà 13, ó yẹ kí àpapọ̀ títà ti tó ₦150,000. Bí kò bá tó, ọlọ́jà ti mọ̀ nígbà tí ìdajì oṣù ṣì kù.

Bí ìdá èrè bá jẹ́ ti ẹni tí ó ń ra ọjà ní ₦1,000 tí ó ń tà á ní ₦1,150, ojú ìdọ́gba yóò jẹ́ ₦345,000. Ẹni tí ó ka èrè náà sí 15 nínú 100 yóò rò pé òun ti dé ojú ìdọ́gba ní ₦300,000, nígbà tí ó ṣì ku ₦45,000 ọjà tí kò tíì tà.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò yìí kò tíì kà: iṣẹ́ olówò fúnra rẹ̀. Nínú ₦45,000 náà, kò sí kọ́bọ̀ kan fún oúnjẹ ilé rẹ̀ tàbí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà máa fún òun ní ₦30,000 lóṣù, ìnáwó àìyẹsẹ̀ yóò di ₦75,000, ojú ìdọ́gba yóò sì di ₦500,000. Nítorí náà ó dára kí olówò mọ ìlà méjì: ìlà tí ṣọ́ọ̀bù fi lè bọ́ ara rẹ̀, àti ìlà tí ó fi lè bọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó kọjá ìlà kìíní tí kò dé ìkejì. Irú wọn lè wà fún ọdún púpọ̀ bí olówò bá ní iṣẹ́ mìíràn tàbí bí ẹlòmíràn bá ń gbọ́ bùkátà ilé, ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó òwò ni a óò máa fi ra oúnjẹ.

## Nígbà tí títà kò dúró sójú kan

Ìlànà tí a ti sọ yìí rọrùn bí ẹni pé gbogbo oṣù rí bákan náà. Ní Táńkè, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, títà a máa pọ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ìsinmi, àwọn ará àdúgbò nìkan ni ó kù. Fún irú ṣọ́ọ̀bù yìí, ọdún ni ó yẹ kí a fi wọn òwò, kì í ṣe oṣù kan. Ojú ìdọ́gba ọdún kan jẹ́ ₦540,000 tí a pín sí 0.15, èyí tí í ṣe ₦3,600,000.

Ká ní oṣù mẹ́jọ ni ilé-ìwé fi ń wọlé tí títà fi ń jẹ́ ₦420,000 lóṣù, tí oṣù mẹ́rin yòókù sì jẹ́ ₦180,000. Títà ọdún yóò jẹ́ ₦4,080,000. Ó ju ojú ìdọ́gba lọ pẹ̀lú ₦480,000. Àlàfo yìí ni a lè pè ní àlàfo ààbò. Ó fi hàn pé títà lè dínkù ní bíi ìdá 12 nínú 100 kí òwò tó wọ inú àdánù. Èrè ọdún náà jẹ́ ìdá 15 nínú 100 àlàfo ọ̀hún: ₦72,000.

Bí a bá wò ó ní oṣooṣù, a óò rí ìdí tí ọlọ́jà fi lè jèrè lọ́dún kí ó sì máa jẹ gbèsè nínú ìsinmi. Nínú oṣù rere kan, èrè orí ọjà jẹ́ ₦63,000. Lẹ́yìn ìnáwó àìyẹsẹ̀, ₦18,000 ṣẹ́ kù. Nínú oṣù ìsinmi, èrè orí ọjà jẹ́ ₦27,000, ìnáwó sì fi ₦18,000 jù ú lọ. Oṣù burúkú mẹ́rin yóò jẹ ₦72,000. Láti rí i san, olówò gbọ́dọ̀ fi ₦9,000 pamọ́ nínú oṣù rere kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìdajì ohun tí ó dà bí èrè lójú rẹ̀ nínú oṣù rere kì í ṣe èrè. Oṣù ìsinmi ni ó ni ín.

Láti inú àwọn iye kan náà ni a ti lè mọ iye oṣù burúkú tí ọdún kan lè gbà. Oṣù rere kan ń mú ₦18,000 wá, oṣù burúkú kan sì ń jẹ iye kan náà. Bí méjèèjì bá jẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, ọdún náà yóò parí sí ojú ìdọ́gba gan-an. Oṣù burúkú keje ni yóò gbé e wọ inú àdánù. Ó rọrùn fún olówò láti di irú òṣùwọ̀n yìí mú ju ìṣirò gígùn lọ, nítorí pé kò nílò láti mọ iye tí òun yóò tà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Iye oṣù rere tí òun lè retí nìkan ni ó ń béèrè.

## Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n tó dá a dúró, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Fún bíi ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì ìlú Ìlọrin kì í bá àwọn yòókù lọ́wọ́ nínú irú ìyanṣẹ́lódì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Olówò tí ó ti fi ìrírí ọdún pípẹ́ retí oṣù burúkú mẹ́rin lọ́dún lè bá ara rẹ̀ nínú mẹ́jọ, lẹ́yìn tí ó ti san owó ilé.

Ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní irú àkókò yìí. Títà ń dínkù, oríṣi ohun tí ń tà sì ń yí padà. Kò sí ẹni tí ń ra ìwé àti bírò, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì dínkù. Ká ní nínú ₦100, ọjà oúnjẹ di ₦80, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì sì di ₦20. Èrè wọn yóò jẹ́ ₦8 àti ₦4. Ìdá èrè ti wá sílẹ̀ láti 15 sí 12 nínú 100, ojú ìdọ́gba sì ti gòkè láti ₦300,000 sí ₦375,000 nígbà tí títà ti já sí ₦180,000. Oṣù ìyanṣẹ́lódì kan yóò mú ₦21,600 wá gẹ́gẹ́ bí èrè orí ọjà, yóò sì jẹ ₦45,000. Àdánù oṣù kan jẹ́ ₦23,400. Oṣù mẹ́jọ rẹ̀ yóò jẹ ₦187,200, oṣù rere mẹ́rin yòókù kò sì ní ju ₦72,000 lọ. Ọdún náà yóò parí pẹ̀lú àdánù ₦115,200, bí olówò kò bá yí ohunkóhun padà.

## Ṣé kí a ti ilẹ̀kùn?

Ojú ìdọ́gba nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Olówò tí ó rí i pé òun wà nísàlẹ̀ ojú ìdọ́gba lè rò pé kí òun ti ṣọ́ọ̀bù ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n owó ilé tí a ti san kò ní padà bí a bá ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ìnáwó tí títì yóò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fi wé èrè orí ọjà tí a óò pàdánù.

Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a bá ti ṣọ́ọ̀bù, a kò ní san ₦18,000 fún ẹni tí ń tajà, a kò sì ní ná ₦6,000 lórí iná. Owó ilé àti owó ẹgbẹ́ wà síbẹ̀. Títì yóò dá ₦24,000 sí, ṣíṣí yóò mú ₦21,600 wá. Títì sàn pẹ̀lú ₦2,400 bí olówò bá fẹ́ máa sanwó fún ẹlòmíràn láti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bí olówò bá lè jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: ₦6,000 iná nìkan ni títì yóò dá sí, ṣíṣí yóò sì mú ₦21,600 wá. Ṣíṣí sàn pẹ̀lú ₦15,600.

A lè pe ìlà tí èyí fà ní ojú ìtìlẹ̀kùn. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń ṣe é, àyàfi pé ìnáwó tí a lè yẹra fún nìkan ni a ń pín:

```
Ojú ìtìlẹ̀kùn = Ìnáwó tí títì yóò dá sí ÷ Ìdá èrè

Pẹ̀lú ẹni tí ń tajà:        24,000 ÷ 0.12 = 200,000
Bí olówò bá jókòó fúnra rẹ̀:  6,000 ÷ 0.12 =  50,000
```

Bí títà bá wà láàárín ojú ìtìlẹ̀kùn àti ojú ìdọ́gba, ṣọ́ọ̀bù ń pàdánù, ṣùgbọ́n àdánù rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí ó tì í. Olówò tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ náà yóò pàdánù ₦5,400 lóṣù, ìyẹn ₦43,200 lápapọ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦72,000 oṣù rere mẹ́rin, ọdún náà yóò parí pẹ̀lú èrè ₦28,800 dípò àdánù ₦115,200.

Ìpinnu yìí ní iye tirẹ̀. Owó oṣù tí olówò dá sí ni ẹnìkan fi ń jẹun, ẹni tí ó bá sì lọ lè má padà nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Bákan náà, bí olówò bá lè rí iṣẹ́ tí yóò mú ju ₦15,600 lọ lóṣù níbòmíràn, kí ó ti ṣọ́ọ̀bù kí ó sì lọ ṣe é ni ó sàn. Ìṣirò kò lè ṣe ìpinnu náà fún un, ṣùgbọ́n ó fi iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò gbà hàn án.

## Nígbà tí ọdún bá yí

Nígbà tí owó ilé bá tún tó san, ọ̀rọ̀ yí padà. Owó tí a kò tíì san jẹ́ ohun tí a ṣì lè yẹra fún, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Àkókò yìí ni ó yẹ kí olówò béèrè bóyá kí òun dúró tàbí kí òun kúrò, kì í ṣe ní àárín ọdún.

Ká ní onílé fẹ́ gbé owó náà láti ₦240,000 lọ sí ₦300,000. Ẹni tí ó bá wo ₦60,000 náà nìkan lè rò pé ₦60,000 títà ni yóò fi san án. Ṣùgbọ́n èrè orí ọjà ni a fi ń san owó ilé. ₦60,000 tí a pín sí 0.15 jẹ́ ₦400,000 títà sí i lọ́dún. Ojú ìdọ́gba ọdún yóò di ₦4,000,000, títà tí a retí sì jẹ́ ₦4,080,000. Èrè ọdún yóò já láti ₦72,000 sí ₦12,000, àlàfo ààbò yóò sì kéré débi pé oṣù burúkú kan péré tí ó bá lé sí i yóò gbé òwò náà wọ inú àdánù.

Olówò tí ó ń lọ bá onílé sọ̀rọ̀ lè mọ òkè tí òun kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èrè orí ọjà ọdún tí ó retí jẹ́ ₦612,000. Bí ó bá yọ ₦300,000 tí í ṣe ìnáwó àìyẹsẹ̀ yòókù kúrò, ₦312,000 ni ó kù. Owó ilé tí ó bá ju èyí lọ, ṣọ́ọ̀bù náà kò lè san án láti inú ara rẹ̀, bí ibẹ̀ tilẹ̀ dára tó lójú.

Ojú ìdọ́gba kò sì sọ ìgbà tí owó yóò wà lọ́wọ́. Òwò lè kọjá ojú ìdọ́gba kí olówò má sì ní ₦240,000 lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí onílé bá dé, nítorí pé owó náà ti di ọjà lórí àtẹ. Àjọ ojoojúmọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹni tí ó ń dá ₦800 fún alájọ ní ọjọ́ ìtajà 26 yóò dá ₦20,800 lóṣù. Bí alájọ bá yọ ₦800 ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ₦20,000 gan-an ni yóò kù, ìyẹn owó ilé oṣù kan.

## Ààlà ìṣirò náà

Ìṣirò ojú ìdọ́gba gbà pé ìdá èrè kò yí padà. Nígbà tí iye ọjà bá ń gòkè kíákíá, bí ó ti rí ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí ìjọba kéde òpin ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, èyí kì í jẹ́ òótọ́ mọ́. Ká ní olówò ra páálí ìndómì kan ní ₦8,500, tí ó tà á ní ₦10,000. Ìwé rẹ̀ yóò sọ pé ó jèrè ₦1,500. Ṣùgbọ́n bí páálí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ bá ti di ₦9,500, ₦500 nìkan ni ó lè mú kúrò láìjẹ nínú owó òwò. Ìdá èrè tòótọ́ jẹ́ 5 nínú 100, kì í ṣe 15. Nítorí náà, ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iye tí a óò fi ra òmíràn ni ó yẹ kí a fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe iye tí a fi ra ti àná.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ìdá èrè tí a ń lò ti di irọ́ hàn lórí àtẹ kí ó tó hàn nínú ìwé. Títà lè kọjá ojú ìdọ́gba lóṣooṣù, kí iye páálí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù sì máa dínkù. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ láìsí olè, iye títà ti rẹ̀yìn sí iye rírà, tàbí kí àwìn àti ohun tí a ń mú lọ sílé ti pọ̀ ju èyí tí a kà lọ. Kíka iye ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wé ti oṣù tí ó ṣáájú, ni ọ̀nà tí ó dájú jù láti rí i.

Ìnáwó àìyẹsẹ̀ pàápàá kì í wà láìyẹsẹ̀ títí láé. Bí títà bá pọ̀ débi pé a nílò ẹnì kejì láti máa tajà tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìnáwó yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ojú ìdọ́gba yóò sì bá a gòkè. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tún ìṣirò náà ṣe nígbà tí owó ilé, owó oṣù tàbí iye ọjà bá yí padà, kí a má sì fi iye tí a rí ní ọdún àkọ́kọ́ ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e.